Áàpù mẹ́ta ń sọ ohun mẹ́ta nípa òjò Sátidé: èwo ni ká tẹ̀lé?

Káńkéré_Dáadáa (Mọ́ńdè, àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. A fẹ́ da káńkéré sórí ilé kan ní Sátidé tó ń bọ̀. Áàpù ojú ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí fóònù mi. Àkọ́kọ́ ní òjò mìlímítà 18 máa rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èkejì ya oòrùn, kò dárúkọ òjò rárá. Ẹ̀kẹta kọ 43%, ó ya kùrukùru tí omi ń kán lára rẹ̀. Ibi kan náà ni mo tẹ̀ sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ló ń purọ́? Tí òjò ńlá bá bá káńkéré tútù, yóò fọ sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ lọ, omi rẹ̀ á pọ̀ jù, kò sì ní le bó ṣe yẹ. Mo gbọ́dọ̀ pinnu kí Wẹ́sìdeé tó lọ, torí ọjọ́ yẹn la máa sọ fún àwọn tó ni ẹ̀rọ àpòpọ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ọmọ_Àrẹ̀mú

Ẹ má da ara yín láàmú. Ìṣirò ojú ọjọ́ ti Yúróòpù ni kẹ́ ẹ mú, ìyẹn ECMWF. GFS ti Amẹ́ríkà kò tó o. Ẹ wá áàpù tó ń lo ECMWF, kẹ́ ẹ yọ méjì yòókù kúrò lórí fóònù. Ẹ rántí ìjì Sandy lọ́dún 2012: ECMWF ti ń sọ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé yóò yà wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí GFS ṣì ń sọ pé yóò gba ojú òkun lọ. Ibi tí ECMWF wí náà ló gbà. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá_Tèmi_Lọ̀rẹ́

Ohun tó ń ṣe èmi náà nìyẹn o! Áàpù mi ní 27 ni ìgbóná báyìí, tẹmómítà tó wà lára ògiri wa sì ń sọ 33. Ṣé kí n yí áàpù padà ni, àbí tẹmómítà ló bàjẹ́?

Olójú_Òfuurufú

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí Káńkéré ń béèrè ni ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Tiyín ń lọ lọ́wọ́. Bí oòrùn bá ń ta sára ògiri yẹn, ìgbóná ògiri ni tẹmómítà ń kà, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́. Inú ibòji ni àwọn elétò ojú ọjọ́ máa ń gbé tiwọn sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ní ìwọ̀n mítà 1.25 sí 2 sókè ilẹ̀. Ẹ gbé tiyín síbi tó rí bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ tún mọ̀ pé "báyìí" tí áàpù kọ lè jẹ́ ìṣirò, kó má jẹ́ pé ẹnì kan wọ̀n ọ́n nítòsí yín.

Ẹ̀gbọ́n Káńkéré, kò sí èyí tó ń purọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Áàpù fúnra rẹ̀ kì í ṣírò ojú ọjọ́, iṣẹ́ náà ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ lágbàáyé ló ń fi kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣe é. ECMWF, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. GFS jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ICON jẹ́ ti àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Jámánì. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ láti fi ṣírò là ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì. Áàpù á gba èsì ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, á tún un tò, á wá fi àwòrán sí i.

Ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òfuurufú ṣe rí ní wákàtí yìí, láti ilẹ̀ títí dé òkè, lórí òkun àti lórí aṣálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní irinṣẹ́ níbi gbogbo. Sátẹ́láìtì, bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti bálúùnù tí wọ́n ń jù sókè ló ń mú ìròyìn wá, àlàfo sì pọ̀ láàárín wọn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti dí àlàfo náà, nítorí náà àwòrán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ta àwọ̀n bo gbogbo ayé, wọ́n á máa ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ojú àwọ̀n GFS àti ti ICON fẹ̀ tó bíi kìlómítà 13, ti ECMWF jẹ́ bíi 9. Àwọsánmà òjò àrá kan lè má fẹ̀ ju kìlómítà mélòó kan lọ, ìyẹn ni pé ó lè bọ́ sínú ojú àwọ̀n kan ṣoṣo kí mọ́dẹ́ẹ̀lì má rí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á wo bí ooru àti ọ̀rinrin inú ojú àwọ̀n náà ṣe pọ̀ tó, wọ́n á wá fojú díwọ̀n òjò tó yẹ kó ti ibẹ̀ jáde. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń díwọ̀n yìí kò dọ́gba rárá, ibẹ̀ ni òjò ti ń fa àríyànjiyàn ju ìgbóná tàbí afẹ́fẹ́ lọ.

Ọmọ_Àrẹ̀mú

Ojú àwọ̀n ECMWF ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn. Ohun tí mo sọ náà kọ́ nìyẹn?

Olójú_Òfuurufú

Òótọ́ ni pé bí a bá ṣírò gbogbo ọdún pọ̀, ECMWF ló sábà máa ń ṣáájú, àpẹẹrẹ Sandy tẹ́ ẹ mú wá sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń borí jù lọ ní gbogbo ọdún lè kùnà ní Sátidé yìí.

Ẹ wo January 26 àti 27, 2015. Ìjì oníyìnyín ń bọ̀ ní etí òkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. ECMWF dúró ṣinṣin pé yìnyín púpọ̀ máa bọ́ sí New York, GFS sì ń sọ pé ti ìlú náà kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ìjọba gbé jáde fún ìlú náà jẹ́ ínǹṣì 20 sí 30. Wọ́n ti ọ̀nà, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dúró. Ínǹṣì 9.8 ló bọ́ sí Central Park nínú ìlú náà. Bẹ́ẹ̀, ní Islip tó wà ní Long Island, tí kò ju bíi kìlómítà 70 sí 80 lọ sí ibẹ̀, ó lé ní ínǹṣì 24. Ìjì náà wá lóòótọ́, ó kàn gba ìlà oòrùn díẹ̀ ju ibi tí wọ́n rò lọ ni. New York bọ́ sí etí rẹ̀ gan-an, ní etí sì nìyí, àṣìṣe kékeré lórí ọ̀nà tí ìjì gbà ń di àṣìṣe ńlá nínú iye tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá wo ìlà kan ṣoṣo tí mọ́dẹ́ẹ̀lì kan fà kò lè rí i pé etí lòun wà.

Fúnmi_Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́

Èyí tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń ro gbogbo wọn pọ̀, kí n pín in. 18, òdo, tí ẹ̀kẹta bá sì jẹ́ bíi 3, ìpíndọ́gba á jẹ́ 7. Àṣìṣe ẹni kìíní á pa ti ẹnì kejì. Kò ha tọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Olójú_Òfuurufú

Fún ìgbóná, ó máa ń tọ̀nà. Tí ọ̀kan bá ní 29 tí èkejì ní 31, 30 kì í jìnnà sí òtítọ́. Òjò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ pé ìjì lè kọjá lórí yín tàbí kó gba ibòmíràn, kò sí ọ̀nà tó lè gbà tí á fi rọ mìlímítà 7. Ìpíndọ́gba ti fún yín ní Sátidé tí kò sí mọ́dẹ́ẹ̀lì kankan tó sọ ọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan: áàpù méjì tó bá fẹnu kò lè jẹ́ pé orí mọ́dẹ́ẹ̀lì kan náà ni àwọn méjèèjì gbé e. Ẹlẹ́rìí kan ni, ó kàn wọ aṣọ méjì ni. Ẹ lọ sí ibi tí áàpù ti ń sọ nípa ara rẹ̀, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé àwọn ti gba ìròyìn. Tí kò bá sí, ẹ ṣí Windy tàbí meteoblue. Àwọn yẹn máa ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ yan mọ́dẹ́ẹ̀lì, kó fi wọ́n wé ara wọn.

Àmọ́ ohun tí Káńkéré nílò kọjá mọ́dẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Láti December 1992 ni ECMWF àti àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe ohun kan tó yàtọ̀. Wọn kì í ṣírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní àṣìṣe, nítorí náà wọ́n á mú àwòrán kan náà, wọ́n á yí i padà díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n àṣìṣe tó lè wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sáré tirẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń fi ìyípadà díẹ̀ sínú bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n àwọsánmà àti ooru. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agbo. Agbo ECMWF ní ọmọ 51, ti GFS ní 31, ti ICON ní 40. Tí gbogbo ọmọ agbo bá ń rìn pọ̀ dé Sátidé, ọjọ́ náà ṣe é sọ. Tí wọ́n bá fọ́nká, a jẹ́ pé òfuurufú fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu, kò sì sí áàpù tó lè pinnu fún un.

Tọ́lá_Oníkóòdù

Èèyàn lè ka agbo náà fúnra rẹ̀. Ìkànnì Open-Meteo ń fúnni ní òjò ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ibi tí ilé wà rọ́pò LAT àti LON, ẹ fi ọjọ́ Sátidé rọ́pò YYYY-MM-DD nínú `d`:

```python
import requests
u = "https://ensemble-api.open-meteo.com/v1/ensemble"
p = {"latitude": LAT, "longitude": LON,
     "hourly": "precipitation", "models": "ecmwf_ifs025",
     "forecast_days": 10, "timezone": "auto"}
h = requests.get(u, params=p).json()["hourly"]
d = ["YYYY-MM-DD"]
i = [k for k, t in enumerate(h["time"]) if t[:10] in d]
r = sorted(sum(h[m][k] or 0 for k in i)
           for m in h if m.startswith("precipitation"))
n = len(r)
print(n, r[n//10], r[n//2], r[9*n//10])
print(round(sum(r)/n, 1), round(sum(x >= 1 for x in r)/n, 2))
print(r)
```

Ìlà àkọ́kọ́ tó bá jáde ni iye ọmọ agbo, lẹ́yìn náà òjò ọmọ tó wà nítòsí ìsàlẹ̀, ti ọmọ tó wà láàárín gbùngbùn, àti ti èyí tó wà nítòsí òkè. Ìlà kejì ni ìpíndọ́gba, àti ìdá àwọn ọmọ tó ní mìlímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ka wákàtí kọ̀ọ̀kan o. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni èsì yìí ń wá látọ̀dọ̀ ECMWF, nígbà tó bá sì jìnnà sí i, mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n kàn pín in sí wákàtí kọ̀ọ̀kan ni. Àpapọ̀ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Káńkéré_Dáadáa (Mọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi ṣe é. Ohun tó jáde rèé:

```
51 0.0 0.3 20.6
5.5 0.43
```

Ìlà kẹta gùn. Nígbà tá a kà á, ọmọ 29 kò tó mìlímítà 1. Mẹ́jọ wà láàárín 1 sí 5. Mẹ́rìnlá tó kù lé ní 10, púpọ̀ nínú wọn wà nítòsí 18. Kò sí ẹyọ kan láàárín 5 sí 10. Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?

Olójú_Òfuurufú

Ẹ ṣeun, èyí dára gan-an. Ẹ wò ó, àwọn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ gbé wá láàárọ̀ ti wà nínú agbo kan ṣoṣo yìí. Ọmọ tó wà láàárín gbùngbùn ní 0.3, áàpù tó bá lo òun á ya oòrùn. Ìdá tó tó mìlímítà 1 jẹ́ 22 nínú 51, ìyẹn 43%, áàpù kẹta yín nìyẹn. Áàpù tó bá wá lo ìṣirò ẹyọ kan, tí ẹyọ náà bọ́ sí àárín àwọn mẹ́rìnlá yẹn, yóò kọ 18 láìṣiyèméjì. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni áàpù yín ṣe é, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ láti ìta, àwọn kan ń lo mọ́dẹ́ẹ̀lì mìíràn pátápátá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe dandan kí mọ́dẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ kí ìdáhùn tó yàtọ̀.

Fúnmi, ẹ wo ìpíndọ́gba: 5.5. Àlàfo láàárín 5 sí 10 ló bọ́ sí gan-an, níbi tí kò sí ọmọ kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ṣe é fún òjò.

Ẹ̀gbọ́n Káńkéré, bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe pín sí méjì yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ìjì òjò kan wà tó ń bọ̀, táwọn kan rò pé yóò kọjá lọ́dọ̀ yín ní Sátidé, táwọn yòókù kò sì rò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ni pé, àwọn 29 tó gbẹ yẹn, ṣé òjò kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá ni, àbí ọjọ́ mìíràn ló dé? Ẹ fi Fúráìdeé, Sátidé àti Sọ́ńdè sínú `d` pọ̀, kẹ́ ẹ ka iye tó lé ní 10. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe Tọ́sìdeé nìkan.

Káńkéré_Dáadáa

Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 44 nínú 51 ló lé ní mìlímítà 10. Tọ́sìdeé nìkan: mẹ́ta péré ló tó mìlímítà 1.

Olójú_Òfuurufú

Àwíyé ti dé. Òjò náà ń bọ̀, agbo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò lórí ìyẹn. Ọjọ́ tó máa dé ni wọn kò tíì mọ̀. 43% yẹn mú un dà bíi pé ó ṣeé ṣe kí òjò má rọ̀ rárá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé àkókò rẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú tàbí ọjọ́ kan lẹ́yìn. Áàpù tó ń fọ́ ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kì í fi èyí hàn, ó sì lè wà lára ìdí tí àwọn áàpù fi ń ta kora lọ́jọ́ karùn-ún sí ìkeje.

Tó bá jẹ́ pé ẹ lè gbé e wá sí Tọ́sìdeé, ìyẹn yá ju kẹ́ ẹ máa wá áàpù tó máa sọ òtítọ́ nípa Sátidé. Ẹ kàn rántí pé Fúráìdeé wà nínú ọjọ́ tí òjò lè bẹ̀rẹ̀. Káńkéré tẹ́ ẹ bá dà láàárọ̀ Tọ́sìdeé á ti le díẹ̀ kí ilẹ̀ Fúráìdeé tó mọ́; èyí tẹ́ ẹ bá dà nírọ̀lẹ́ ni mò ń bẹ̀rù.

Ọmọ_Àrẹ̀mú

Mo gbà fún yín lórí agbo. Ṣùgbọ́n agbo ECMWF náà lẹ lò. Ṣé mi ò tọ̀nà nígbà náà?

Olójú_Òfuurufú

Ẹ tọ̀nà pé ó dára. Ohun tí mi ò gbà ni "ẹ yọ méjì yòókù". Gbogbo ọmọ 51 yẹn jẹ́ ọmọ mọ́dẹ́ẹ̀lì kan náà. Bí mọ́dẹ́ẹ̀lì náà bá ní àṣà láti mú ìjì yára jù, gbogbo wọn ni yóò mú un yára pọ̀, ìṣọ̀kan wọn á sì tàn yín jẹ. Àìlera tí gbogbo agbo ní ni pé wọ́n sábà máa ń sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ẹ fi `gfs_seamless`, lẹ́yìn náà `icon_seamless`, rọ́pò `ecmwf_ifs025` nínú kóòdù Tọ́lá. Tí àwọn náà bá sọ pé òjò wà láàárín Fúráìdeé sí Sọ́ńdè, ẹlẹ́rìí mẹ́ta gidi nìyẹn.

Tọ́lá_Oníkóòdù

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ yà díẹ̀ sí ohun tẹ́ ẹ sọ. Tá a bá da 51, 31 àti 40 pọ̀ sínú àpò kan, tá a ka ìdá rẹ̀, ṣé ó dára ju 51 ECMWF nìkan lọ? Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dáa ju àwọn yòókù lọ dáadáa, dídà pọ̀ lè ba tirẹ̀ jẹ́.

Olójú_Òfuurufú

Ìjiyàn tó ti pẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní sọ pé a parí rẹ̀ níbí. Tí wọ́n bá ti tún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe fún àṣìṣe tó mọ́ ọn lára, dídà pọ̀ sábà máa ń ṣèrànwọ́. Tí wọn kò bá tíì tún un ṣe, bíi ti kóòdù yìí, ohun tẹ́ ẹ sọ lè ṣẹlẹ̀. Ní tèmi, mi ò ní dà wọ́n pọ̀. Màá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá wo bóyá ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ.

Fúnmi_Afẹ́fẹ́lẹ́lẹ́

Ìdá mélòó ló wá yẹ kéèyàn tìtorí rẹ̀ fagi lé iṣẹ́? Ṣé 50% ni?

Olójú_Òfuurufú

Kò sí nọ́ńbà kan fún gbogbo èèyàn. Ẹ fi owó ìdáàbòbò wé owó àdánù. Ká ní bíbo káńkéré mọ́lẹ̀ tàbí sísún ọjọ́ síwájú máa ná ẹ̀gbọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí òjò máa bàjẹ́. Nígbà náà, ìgbà tí ìdá òjò bá ti kọjá 10% ló yẹ kó dáàbò bò ó. Ẹni tí ìdáàbòbò rẹ̀ bá ná an ní ìdajì àdánù lè dúró dé 50%. Òjò tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ sì ni kẹ́ ẹ kà. Mìlímítà 1 kò ní ṣe káńkéré ní nǹkan púpọ̀, nítorí náà ẹ yí `x >= 1` sí `x >= 5`. Lórí èsì Mọ́ńdè, ìyẹn á jẹ́ 14 nínú 51, bíi 27%. Ó ṣì pọ̀ ju 10 lọ.

Káńkéré_Dáadáa (Wẹ́sìdeé, òwúrọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tún un ṣe láàárọ̀ yìí fún Sátidé. 43% ti di 49%. Áàpù tó ya oòrùn ti yí padà, ó ti ya òjò. Ṣé nǹkan ti burú sí i nìyẹn?

Olójú_Òfuurufú

Rárá. Ọmọ 51 kò pọ̀ tó láti fi ya 43 sọ́tọ̀ kúrò lára 49. Bí wọ́n bá tún àwọn ọmọ agbo náà yàn láti ibẹ̀rẹ̀ láìsí ohun tó yí padà nínú òfuurufú, iye yẹn lè lọ sókè tàbí sódò ní bíi 7. Ìyípadà tí kò bá tó 10 kì í ṣe ìròyìn. Áàpù tó yí láti oòrùn sí òjò ló mú kó dà bí ohun ńlá, torí pé ọmọ àárín gbùngbùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ààlà, ó kàn kọjá rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe yí ìpinnu padà nítorí ìṣirò kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò, aago 00, 06, 12 àti 18 ti UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, èsì sì máa ń gba wákàtí mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ áàpù. Nígbà míì, àríyànjiyàn áàpù méjì kò ju pé ọ̀kan ń lo ti òru, èkejì ń lo ti ọ̀sán àná. Ẹ wo bí mẹ́rin tẹ̀ léra wọn ṣe ń rìn. Kí ni Tọ́sìdeé sọ?

Káńkéré_Dáadáa

Méjì nínú 51. Ti GFS, ọ̀kan nínú 31. Ti ICON kò ní rárá. Mo ti pe àwọn ẹlẹ́rọ, wọ́n ní Tọ́sìdeé aago méje àárọ̀ ṣeé ṣe.

Olójú_Òfuurufú

Ìyẹn dára. Ohun kan ló kù tí agbo kò lè rí. Èsì tí kóòdù yẹn ń gbà, àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ ju ti ECMWF gan-an lọ: ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.25 dígírì, tó bíi kìlómítà 28 níbi ìlà agbedeméjì ayé. Òjò kékeré tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án lórí àdúgbò kan ṣoṣo lè sọnù sínú ìpíndọ́gba ibi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún Tọ́sìdeé fúnra rẹ̀, láti nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ fi agbo sílẹ̀, ẹ ṣí rédà bí àgbègbè yín bá ní in, tàbí àwòrán sátẹ́láìtì. Fún wákàtí kan sí méjì tó ń bọ̀, ohun tí rédà ń rí pé ó ń rìn bọ̀ péye ju ìṣirò mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ. Kí ọ̀rá ìbòrí wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ìyá_Tèmi_Lọ̀rẹ́

Mo gbé tẹmómítà lọ sábẹ́ ibòji lẹ́yìn ilé. 28 ló ń sọ báyìí, áàpù ní 27. Ẹ ṣé o. Ṣé ìyàtọ̀ kan yẹn náà ní ìdí?

Tọ́lá_Oníkóòdù

Ìyá wa, ìyàtọ̀ 1 dígírì wọ́pọ̀, tẹmómítà ilé fúnra rẹ̀ lè ṣì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo kóòdù náà: ẹ má yọ `"timezone": "auto"` kúrò. Láìsí i, ọjọ́ á máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo 00 UTC, òjò ọ̀gànjọ́ yín á sì lè bọ́ sínú ọjọ́ mìíràn. Àwọn áàpù kan lè máa ṣe àṣìṣe yẹn gan-an, pàápàá níbi tí aago ti jìnnà sí UTC. Tí orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì bá mú àṣìṣe jáde, ẹ wo ojú ìwé wọn fún orúkọ tuntun, wọ́n máa ń yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.